Bí ẹ ṣe lè ka ṣáàtì alábẹ́là: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àbẹ́là kan ṣoṣo

Tẹ́ ẹ bá ṣí ṣáàtì owó ilẹ̀ òkèèrè fún ìgbà àkọ́kọ́, igi kéékèèké tí wọ́n ń pè ní àbẹ́là ló máa kún ojú fóònù yín bámúbámú. Òmíràn pupa, òmíràn láwọ̀ ewé, òmíràn gùn gbọọrọ, òmíràn ò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbójú lé gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí owó náà ń lọ lọ́la. Ẹ má tíì lọ síbẹ̀. Àbẹ́là kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà yanjú. Iye mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, iye mẹ́rin yẹn náà ló sì ń tún ara rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ṣáàtì dópin.

EUR/USD, ìyẹn yúrò àti dọ́là Amẹ́ríkà, ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà jù lágbàáyé. Àwọn iye tí mo lò nínú àpẹẹrẹ, èmi ni mo ṣètò wọn kí ìṣirò má bàa le. Ẹ má wá wọn lọ sínú ṣáàtì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ owó tí iye náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹ wo orúkọ tó wà lókè ṣáàtì. EUR ló ṣáájú, USD ló tẹ̀ lé e. Owó tó ṣáájú ni ọjà tí wọ́n ń tà, èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń díye lé e. Tẹ́ ẹ bá rí 1.0850, ohun tó túmọ̀ sí ni pé 1.0850 dọ́là ni yúrò kan ń lọ. Torí náà, tí ṣáàtì bá ń gòkè, yúrò ló ń wọ́n sí i. Tó bá ń wálẹ̀, dọ́là ló ń wọ́n sí i.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọ̀nà. Wọ́n á gbọ́ nínú ìròyìn pé dọ́là ti gbówó lórí, wọ́n á wá máa retí pé kí gbogbo ṣáàtì tí orúkọ dọ́là bá wà nínú rẹ̀ gòkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú USD/JPY, dọ́là ló ṣáájú yẹ́ẹ̀nì ilẹ̀ Japan, nítorí náà tí dọ́là bá le, ṣáàtì yẹn á gòkè. Dọ́là kan náà, lọ́jọ́ kan náà, á sì mú kí EUR/USD wálẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ pé nǹkan gòkè tàbí ó wálẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló gòkè.

Pípì ni wọ́n fi ń wọn ìrìn iye náà. Nínú EUR/USD, nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn pọ́íǹtì ni pípì: láti 1.0850 sí 1.0851 jẹ́ pípì kan. Tí áàpù yín bá ń gbé nọ́ńbà márùn-ún jáde lẹ́yìn pọ́íǹtì, bíi 1.08503, èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá pípì, ẹ sì lè fojú fò ó ná. Tó bá jẹ́ pé yẹ́ẹ̀nì ló kẹ́yìn, nọ́ńbà kejì lẹ́yìn pọ́íǹtì ni pípì, torí náà láti 149.25 sí 149.26 jẹ́ pípì kan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan wákàtí tí àbẹ́là kọ̀ọ̀kan máa kó

Àbẹ́là kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tó ń kó jọ. Lójú ṣáàtì, ẹ máa rí M5, M15, H1, H4, D1 àti irú wọn. M5 ń kó ìṣẹ́jú márùn-ún, H1 ń kó wákàtí kan, H4 ń kó wákàtí mẹ́rin, D1 sì ń kó odindi ọjọ́ kan. Ẹ tẹ H1. Èmi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó lọ sórí M1, torí kó tó parí kíka ọ̀kan, òmíràn á ti dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú àbẹ́là kan palẹ̀

Ẹ gbé ìka tàbí máòsì lé àbẹ́là kan tó ti parí. Nínú áàpù TradingView, lẹ́tà mẹ́rin pẹ̀lú iye wọn á jáde lókè lápá òsì: O, H, L, C. Nínú áàpù MetaTrader orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+D kí fèrèsé tó ń gbé iye jáde lè ṣí. O ni iye tí àkókò yẹn fi bẹ̀rẹ̀. H ni ibi tó ga jù tí iye dé. L ni ibi tó rẹlẹ̀ jù. C ni iye tó wà nílẹ̀ nígbà tí àkókò náà parí.

Ká ní àbẹ́là aago 9:00 nìyí:

```
O 1.0858   H 1.0891   L 1.0855   C 1.0886
```

Apá tó nípọn láàárín ni wọ́n ń pè ní ara àbẹ́là. Látorí O dé C ló máa ń dúró. Níbí, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1.0858, ó parí ní 1.0886, nítorí náà ara rẹ̀ jẹ́ pípì 28. Torí pé ìparí ga ju ìbẹ̀rẹ̀, àbẹ́là tó gòkè ni, àwọ̀ ewé ló sì máa ní nínú ọ̀pọ̀ áàpù. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ lókè ni òwú òkè: láti 1.0886 dé 1.0891, pípì 5. Èyí tó yọ nísàlẹ̀ ni òwú ìsàlẹ̀: láti 1.0858 wá sí 1.0855, pípì 3. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 28 àti 5 àti 3, ẹ máa rí 36. Ẹ yọ L kúrò nínú H, 36 náà ni. Tí ìṣirò méjèèjì ò bá bára mu, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan kà.

Kí wá ni àbẹ́là yìí ń sọ? Láàárín wákàtí yẹn, àwọn tó ń ra yúrò ló lọ́wọ́ òkè. Iye ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì dé òkè, díẹ̀ ló dá padà kó tó parí. Tó bá jẹ́ àbẹ́là pupa ni, òdìkejì ni ẹ máa kà: O á wà lókè ara, C á wà nísàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àwọ̀ ń yí padà nìyẹn. H ò kúrò lórí òwú òkè, L ò sì kúrò lórí òwú ìsàlẹ̀, àwọ̀ yòówù kó jẹ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ láìwo nọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá ṣí MetaTrader 4 láìtíì yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, àbẹ́là tó gòkè á dúdú nínú, èyí tó wálẹ̀ á funfun. Ẹni tó ti ń lo áàpù aláwọ̀ ewé àti pupa tẹ́lẹ̀ lè ka ṣáàtì yẹn sódì pátápátá. Ẹ mú àbẹ́là kan, ẹ fi O wé C, ẹ máa mọ àwọ̀ tí wọ́n fún ìgòkè níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ to mẹ́rin pọ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tí ọ̀kan ń fi pa mọ́

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa. Àbẹ́là H1 mẹ́rin tó tẹ̀ léra nìyí:

```
08:00  O 1.0850  H 1.0862  L 1.0846  C 1.0858
09:00  O 1.0858  H 1.0891  L 1.0855  C 1.0886
10:00  O 1.0886  H 1.0898  L 1.0861  C 1.0864
11:00  O 1.0864  H 1.0869  L 1.0841  C 1.0853
```

Èyí àkọ́kọ́ gòkè pẹ̀lú ara kékeré, pípì 8, òwú pípì mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó borí gan-an. Ìkejì la ti tú palẹ̀: àwọn olùrà gbé e lọ sókè. Ìkẹta ló wá yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ lọ kan 1.0898, ó ga ju ibi tí ti aago 9:00 dé lọ, ṣùgbọ́n kò lè dúró síbẹ̀. Ó jábọ́, ó sì parí ní 1.0864 pẹ̀lú ara pupa tó jẹ́ pípì 22 àti òwú òkè pípì 12. Gbogbo ohun tí wákàtí àkọ́kọ́ àti ìkejì kó jọ, tó jẹ́ pípì 36, wákàtí yìí nìkan gba 22 padà nínú rẹ̀. Ìkẹrin ṣì ń wálẹ̀, ó dé 1.0841, ṣùgbọ́n kó tó parí, wọ́n ti rà á gòkè díẹ̀ sí 1.0853, ìdí nìyẹn tí òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi gùn tó pípì 12.

Ẹ wá tẹ H4 báyìí. Àbẹ́là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á di ẹyọ kan. O rẹ̀ ni O ti èyí tó ṣáájú, 1.0850. C rẹ̀ ni C ti èyí tó kẹ́yìn, 1.0853. H rẹ̀ ni èyí tó ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 1.0898. L rẹ̀ ni èyí tó rẹlẹ̀ jù, 1.0841.

```
08:00 H4  O 1.0850  H 1.0898  L 1.0841  C 1.0853
```

Ara rẹ̀ jẹ́ pípì 3 péré. Òwú òkè jẹ́ 45, òwú ìsàlẹ̀ jẹ́ 9. Ẹ sì kíyè sí àwọ̀ rẹ̀: àwọ̀ ewé ni, torí 1.0853 fi díẹ̀ ga ju 1.0850 lọ. Ẹni tó kàn wo àwọ̀ á ní yúrò gòkè, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń tà á wálẹ̀. Òwú gígùn tó wà lókè yẹn ló ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: iye lọ sókè gan-an, wọ́n sì dá a padà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. H4 yìí ò lè sọ fún yín bóyá òkè ló kọ́kọ́ lọ ni àbí ìsàlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, òkè ló ti kọ́kọ́ dé. Ká ní ó ti wálẹ̀ sí 1.0841 ní aago mẹ́jọ, tó wá gòkè sí 1.0898 ní aago mọ́kànlá kó tó padà sí 1.0853, àbẹ́là kan náà gẹ́lẹ́ la máa rí, ìtàn rẹ̀ sì yàtọ̀. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá rí òwú tó gùn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí àkókò tó kéré sí i, kẹ́ ẹ lọ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ní orúkọ fún àbẹ́là tí òwú òkè rẹ̀ gùn tí ara rẹ̀ kéré, wọ́n sì ní orúkọ fún ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn mìíràn. Mi ò ní kọ wọ́n síbí. Tẹ́ ẹ bá ti lè ka iye mẹ́rin àti òwú méjì, ẹ mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ. Ẹni tó há orúkọ sórí láìmọ ìṣirò rẹ̀ á máa rò pé àbẹ́là ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ti kọjá ló ń ròyìn.

Ibi tí ojú ti ń tanni jẹ

Àkọ́kọ́ ni àbẹ́là tó wà lápá ọ̀tún pátápátá. Kò tíì parí. C tẹ́ ẹ rí lára rẹ̀ kì í ṣe ìparí, iye ìsinsìnyí ni. Ẹ padà sí àbẹ́là aago 10:00 wa. Ká ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú lẹ wò ó, tí iye wà ní 1.0896. Ara rẹ̀ nígbà yẹn á jẹ́ pípì 10, àwọ̀ ewé, tó rẹwà lójú ẹni tó fẹ́ rà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, àbẹ́là kan náà ti di pupa, pípì 22 sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àbẹ́là tó ti parí ni kẹ́ ẹ máa kà. Èyí tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ wò ó bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Gígùn àbẹ́là lójú náà ń tanni jẹ. Ọ̀pọ̀ áàpù ló máa ń na ṣáàtì tàbí kó fún un pọ̀ fúnra rẹ̀ kó lè kún ojú fóònù. Lásìkò tí ọjà bá dákẹ́, àbẹ́là pípì 8 lè ga bí òpó lójú yín. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ńlá bá jáde, àbẹ́là pípì 40 lè dà bí ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pípì 100. Kẹ́ ẹ tó sọ pé àbẹ́là kan tóbi, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún ṣáàtì, ẹ yọ L kúrò nínú H, kẹ́ ẹ sì fi wé àwọn bíi ogún tó ṣáájú rẹ̀.

Èyí tó máa ń fa ìjà ni iye méjì. Ní gbogbo ìgbà, iye tí wọ́n máa fi ra yúrò lọ́wọ́ yín yàtọ̀ sí iye tí wọ́n máa fi tà á fún yín, tiyín tẹ́ ẹ fẹ́ rà ló sì wọ́n jù. Nínú MetaTrader, iye tí wọ́n fi ń ra nǹkan lọ́wọ́ yín, tí wọ́n kọ sí Bid, nìkan ni wọ́n fi ń ya àbẹ́là. Ìkejì, Ask, ò sí nínú àbẹ́là rárá. Ká ní ẹnì kan ti ta EUR/USD, tó wá pàṣẹ pé kí wọ́n ti òwò òun pa tí iye bá gòkè dé 1.0900 kí àdánù òun má bàa pọ̀ jù. Nígbà tó wo ṣáàtì, H ò ju 1.0898 lọ, síbẹ̀ wọ́n ti òwò rẹ̀ pa. Ó lè pariwo pé alágbàtà rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta gbọ́dọ̀ rà padà kó tó jáde, Ask ni wọ́n sì fi ń rà. Tí àlàfo àárín iye méjèèjì bá jẹ́ pípì 2 nígbà yẹn, 1.0898 orí ṣáàtì ti di 1.0900 fún un. Ẹ tẹ F8 nínú MetaTrader 4, ẹ fàmì sí `Show Ask line`, ìlà kejì á jáde tẹ́ ẹ ó máa rí ibi tí Ask wà. Àlàfo yẹn kì í dúró lójú kan o. Ó sábà máa ń fẹ̀ nígbà tí ìròyìn ńlá bá fẹ́ jáde àti nígbà tí ọjọ́ bá ń yí.

Ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ọjà yìí máa ń ṣí ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday ní aago New York, ó sì máa ń tì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Friday. Kò sí ọjà àpapọ̀ kan tí gbogbo ayé ti ń ná an, nítorí náà alágbàtà kọ̀ọ̀kan ló ń yan aago tí ọjọ́ máa fi parí lórí ṣáàtì tirẹ̀. Àwọn tó fi aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ New York ṣe òpin ọjọ́ á ní àbẹ́là D1 márùn-ún lọ́sẹ̀. Àwọn tí aago wọn jẹ́ GMT á ní àbẹ́là kúkúrú kan sí i fún Sunday. Àbẹ́là H4 wọn náà lè máà bára mu: tí aago alágbàtà kan bá fi wákàtí méjì ṣáájú ti èkejì, H1 wọn á ṣì jọra, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin tí ọ̀kan kó pọ̀ kọ́ ni èkejì kó. Torí náà, tí ẹnì kan bá fi H4 ránṣẹ́ sí yín tí kò jọ tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè aago rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, O àbẹ́là kan máa ń wà níbi tí C ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó fò, tí àlàfo wà láàárín méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí Friday ti pàdé ọ̀sẹ̀ tuntun lẹ wà. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọjà wà ní títì.

Ẹ dán an wò fúnra yín

Ẹ mú bébà. Ẹ ṣí EUR/USD lórí H1, ẹ padà sí àná, kẹ́ ẹ má bàa bá àbẹ́là tí kò tíì parí pàdé. Ẹ yan mẹ́rin tó tẹ̀ léra, kí àkọ́kọ́ jẹ́ aago tí H4 ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí ṣáàtì yín: tẹ H4 kẹ́ ẹ lè rí aago náà, kẹ́ ẹ sì padà sí H1. Kọ O, H, L, C mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ṣírò ara àti òwú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pípì, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ta ló lọ́wọ́ òkè, ibo ni wọ́n ti dá iye padà. Lẹ́yìn náà, láìwo ṣáàtì, ẹ ya H4 tó yẹ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di, kẹ́ ẹ tó tẹ H4 wò ó.

Lórí áàpù kan náà, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ bára mu dórí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ O ni kò bá tiyín mu, wákàtí tí H4 kò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ H tàbí L nìkan ni, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti mú ti àbẹ́là tó kẹ́yìn dípò èyí tó ga jù tàbí èyí tó rẹlẹ̀ jù, tàbí kẹ́ ẹ ti wọn ara, kẹ́ ẹ sì gbàgbé òwú. Tí C bá sì ń yí padà lójú yín bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, àbẹ́là òní tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ lẹ mú.